0.8 kọ́ ni 0.2: ìgbà tí a ń kọ kọ́rẹ́léṣọ̀n, àti ìgbà tí a ń kọ síloòpù

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ níbí gbé pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá bá mi. Ó ti lọ sí oko kòkó bàbá rẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó, ó já èso kòkó, ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, ó là á, ó sì wọn hóró tútù tó bá nínú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ènìyàn lè fi ìwọ̀n èso mọ ìwọ̀n hóró kí ó tó là á. Nínú orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé bí èso kan bá fi gíráàmù 100 wúwo ju òmíràn lọ, hóró inú rẹ̀ á fi gíráàmù 80 wúwo ju ti ìkejì lọ.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Ọmọ ka á fún un lórí fóònù, bàbá sì bi í léèrè pé, "Èèpo ńkọ́?" Ẹni tó bá ti la kòkó rí mọ̀ pé èèpo ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n èso. Bí èso bá fi gíráàmù 100 tóbi sí i, kò sí bí hóró ṣe máa gba 80 kí ó wá ku 20 péré fún èèpo.

"Bọ̀dá, mo wò ó dáadáa o. 0.8 ni kọ̀ǹpútà gbé jáde."

Òótọ́ ló sọ. 0.8 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà gbé jáde, èyí tí kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ló sì mú. Ó mú kọ́rẹ́léṣọ̀n, ó wá kà á bí ẹni ń ka síloòpù. Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ débi pé mo pinnu láti kọ bí a ṣe tún un ṣe sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màá lo èso márùn-ún péré, màá sì lo nọ́ńbà tí mo fúnra mi ṣà kí ìṣirò má bàa le. Àwọn nọ́ńbà yìí kì í ṣe èyí tó wọ̀n lóko. Ọ̀nà ìṣirò nìkan ni mo fẹ́ fi hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè méjì ló sábà máa ń wà níwájú wa bí a bá wọn nǹkan méjì pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni: bí èyí bá lé ní ẹyọ kan, mélòó ni ìyẹn máa fi lé? Síloòpù ló ń dáhùn ìyẹn. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà ni, bí òkè ṣe ga tó fún gbogbo ẹsẹ̀ tí a bá gbé síwájú. Ó máa ń ní ẹyọ ìwọ̀n lẹ́yìn: gíráàmù hóró fún gíráàmù èso kan, náírà fún kìlómítà kan.

Ìkejì ni: báwo ni àwọn nǹkan méjèèjì ṣe so mọ́ra tó? Ṣé gbogbo àmì orí gíráàfù dúró lẹ́bàá ìlà ni, àbí wọ́n fọ́n káàkiri? Kọ́rẹ́léṣọ̀n ló ń dáhùn ìyẹn. A máa ń fi r kọ ọ́. Kò ní ẹyọ ìwọ̀n kankan, kò lè ju 1 lọ, kò sì lè lọ sísàlẹ̀ ju −1 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé r òun jẹ́ gíráàmù 0.8, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ti dàrú.

Ìbéèrè ọmọ yìí ni "mélòó". Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àmì náà sórí gíráàfù

Èyí ni èso márùn-ún wa, gbogbo rẹ̀ ní gíráàmù:

| Èso | Hóró tútù |
|---|---|
| 300 | 85 |
| 400 | 60 |
| 500 | 110 |
| 600 | 160 |
| 700 | 135 |

Ẹ fi èso sí ìsàlẹ̀ gíráàfù, kí hóró wà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ óò rí i pé àmì náà ń gòkè lọ, ṣùgbọ́n kò gòkè déédéé. Èso 400 kò ní hóró tó èso 300, èso 700 náà kò sì tó 600. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó ṣe rí lóko: èèpo òmíràn nípọn, òmíràn kò sì ní hóró púpọ̀ nínú bó ti wù kó tóbi tó.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ní ọdún 1973, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Francis Anscombe ṣe àkójọ nọ́ńbà mẹ́rin. Síloòpù gbogbo wọn jẹ́ 0.5, r gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.82 lọ́gbọọgba. Nígbà tí ó yà wọ́n sórí gíráàfù, ọ̀kan jẹ́ ìlà gidi tí àmì fọ́n sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, ọ̀kan jẹ́ ìlà tó tọ́ tí àmì kan ṣoṣo fà gòkè, ọ̀kan sì jẹ́ òpó tó dúró ṣánṣán tí àmì kan dá wà lọ́nà jíjìn sí i. Nínú síloòpù àti r, kò sí èyí tó lè sọ ìyẹn fún yín. Ojú ló lè sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọwọ́ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan

Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà á ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní da nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ mọ́, torí pé á fojú rí ibi tí wọ́n ti yà.

Ìpíndọ́gba ìwọ̀n èso jẹ́ 500, ti hóró jẹ́ 110. Ẹ wo bí èso kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba rẹ̀: −200, −100, 0, 100, 200. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún hóró: −25, −50, 0, 50, 25. Ohun mẹ́ta la fẹ́ mú jáde nínú wọn.

Ẹ sọ jíjìnnà èso kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ ro ó pọ̀: 100,000. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún hóró: 6,250. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ló ń sọ ìtànká èso àti ti hóró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jíjìnnà èso lọ́po jíjìnnà hóró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro ìyẹn náà pọ̀: 5,000 àti 5,000 àti 0 àti 5,000 àti 5,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20,000. Ẹ jẹ́ ká pe 20,000 yìí ní nọ́ńbà àjọpín, torí pé síloòpù àti r jọ ń jẹ nínú rẹ̀ ni.

Fún síloòpù, ẹ fi ìlọ́po ti èso nìkan pín nọ́ńbà àjọpín:

```
b = 20000 / 100000 = 0.2
```

Fún kọ́rẹ́léṣọ̀n, èso àti hóró ni a jọ fi ń pín in:

```
r = 20000 / √(100000 × 6250) = 20000 / 25000 = 0.8
```

Ibi tí wọ́n ti yà nìyẹn. Síloòpù fi ìtànká hóró sílẹ̀ bó ṣe wà, ìdí nìyí tí ẹyọ ìwọ̀n fi kù sí i lára. r pín ìtànká méjèèjì kúrò, ẹyọ ìwọ̀n sì bá a lọ. Òun náà ló fà á tí ìyípadà ẹyọ fi ń yí síloòpù padà tí kì í yí r padà. Bí ọmọ yìí bá wọn èso ní kìlógíráàmù dípò gíráàmù, tí ó fi hóró sílẹ̀ ní gíráàmù, síloòpù á di 200. r á ṣì jẹ́ 0.8.

Ìlà wa wá jẹ́: hóró = 10 + 0.2 × èso. 10 yẹn ni ohun tó kù bí a bá yọ 0.2 × 500 kúrò nínú 110. Èso tó bá fi gíráàmù 100 wúwo ju òmíràn lọ, a retí kí hóró rẹ̀ fi gíráàmù 20 ju ti ìkejì lọ ní ìpíndọ́gba. Ó ku 80 fún èèpo àti àwọn nǹkan yòókù. Ìdáhùn tí bàbá rẹ̀ ń retí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà lójú kọ̀ǹpútà

SPSS ni ọmọ náà lò. Nínú tábìlì tí wọ́n pè ní `Coefficients`, òpó kan wà tó ń jẹ́ `B`, òmíràn sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tó ń jẹ́ `Beta`. `B` ni síloòpù gidi, tó ní ẹyọ ìwọ̀n. `Beta` ni síloòpù tí wọ́n ti pín ìtànká méjèèjì kúrò lára rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni a fi ń sọ tẹ́lẹ̀, bíi ìwọ̀n èso níbí, `Beta` àti r kò yàtọ̀ rárá. 0.8 tó mú wá látinú òpó `Beta` ni. Nínú òpó `B`, níbi tí kò wò, 0.2 wà níbẹ̀. SPSS kì í kọ òdo iwájú, nítorí náà `.200` àti `.800` ni ẹ óò rí.

Ní Excel, bí èso bá wà ní A2 dé A6, tí hóró sì wà ní B2 dé B6:

```
=SLOPE(B2:B6, A2:A6)
=INTERCEPT(B2:B6, A2:A6)
=CORREL(A2:A6, B2:B6)
```

Ẹ kíyè sí i pé `SLOPE` fẹ́ kí ohun tí a fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ ṣáájú. `CORREL` kò bìkítà èwo ló ṣáájú, 0.8 náà ni yóò fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ti `SLOPE` po, 3.2 ni yóò gbé jáde, kò sì ní pariwo pé ẹ ṣàṣìṣe. 3.2 yẹn ní ìtumọ̀ tirẹ̀: bí hóró bá lé ní gíráàmù 1, èso á fi 3.2 lé ní ìpíndọ́gba. Ìbéèrè mìíràn pátápátá nìyẹn.

Ẹlòmíràn á rò pé kí a kàn fi 0.2 pín 1 láti yí ìlà náà padà. Ìyẹn á fún wa ní 5, a sì ti rí i pé 3.2 ni. Nítorí pé àmì náà fọ́nká, ìlà tó ń sọ hóró látinú èso kì í ṣe ìlà kan náà pẹ̀lú èyí tó ń sọ èso látinú hóró. Bí ẹ bá fi 0.2 lọ́po 3.2, ẹ óò rí 0.64, èyí tí í ṣe 0.8 lọ́nà 0.8. Bí r bá jẹ́ 1 tàbí −1 gan-an nìkan ni ìlà méjèèjì máa ń di ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bi ara yín bí ẹ ṣe ṣa àwọn èso náà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jùlọ, torí pé òun ló ń pinnu èwo nínú nọ́ńbà méjèèjì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bí a bá kúrò ní oko kan lọ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ní Iléṣà, ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n òun fi àwọn èso kékeré àti àwọn ńlá sílẹ̀, ó mú èyí tó wà láàárín nìkan, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rí bákan náà lójú. Èso tirẹ̀ jẹ́ 400, 450, 500, 550, 600. Hóró rẹ̀ jẹ́ 105, 70, 110, 150, 115. Ìtànká àmì kúrò lórí ìlà dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, gíráàmù kan ò yàtọ̀: ẹ lè fi 10 + 0.2 × èso wò ó, àṣẹ́kù ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 15, −30, 0, 30, −15 nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìlọ́po ti èso jẹ́ 25,000, ti hóró jẹ́ 3,250, nọ́ńbà àjọpín jẹ́ 5,000. Síloòpù ṣì jẹ́ 0.2. Ṣùgbọ́n r ti já wá sí 0.55.

Kòkó ò yí padà. Ọ̀nà tí hóró gbà ń tẹ̀lé èso ò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó wà ní Iléṣà gé orí àti ìdí kúrò. Bí ibi tí a ti mú èso bá dín kù, tí ìtànká ẹ̀gbẹ́ ìlà sì wà bó ṣe wà, àmì náà á dà bíi pé ó fọ́nká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, r á sì lọ sílẹ̀. Bí a bá tún lọ ṣa èso tó kéré jọjọ àti èyí tó tóbi jọjọ nìkan, r á gòkè láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lára igi kòkó.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi r Ifẹ̀ wé r Iléṣà tó ní "ìbáṣepọ̀ èso àti hóró lágbára ní Ifẹ̀ ju Iléṣà lọ," bí wọ́n ṣe ṣa èso ló ń fi wéra láìmọ̀. Síloòpù ni kí ó fi wéra.

Èyí náà ló fà á tí mi ò fi ń gbà kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ajílẹ̀ kọ r. Bí ẹ bá fúnra yín pinnu pé oko kan á gba kìlógíráàmù 0, òmíràn 50, òmíràn 100, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yan ìtànká ajílẹ̀. r tó bá jáde wá ní ìpinnu yín nínú. Ẹni tó bá lo 0 dé 200 lórí ilẹ̀ kan náà á rí r tó ga ju tiyín lọ, bí ohun ọ̀gbìn bá ṣì ń fèsì lójú ìlà kan náà. Síloòpù nìkan ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èwo ni kí ẹ kọ?

Ẹ kọ síloòpù bí ẹnìkan bá fẹ́ fi àbájáde yín ṣe nǹkan. Ẹni tó ń ra kòkó, àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ iye hóró tí yóò rí, ẹni tó ń ṣírò ajílẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ gbọ́ "mélòó". Kò sí ohun tí àgbẹ̀ lè fi 0.8 ṣe. Ó lè fi gíráàmù 20 fún gíráàmù 100 ṣe nǹkan.

Ẹ kọ r bí kò bá sí èyí tó ń ṣáájú èkejì, tí ẹyọ ìwọ̀n ò sì ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí àpẹẹrẹ, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìbéèrè méjì, ọ̀kan lórí ìbẹ̀rù ìdánwò, èkejì lórí bí wọ́n ṣe ń sùn, tí máàkì méjèèjì jẹ́ àròpọ̀ èyí tí wọ́n fi àmì sí. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí "máàkì ìbẹ̀rù 1" jẹ́ gan-an, nítorí náà r ló yẹ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òṣùwọ̀n méjì lẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bára mu, r kò tó. Bí òṣùwọ̀n kan bá ń fi gíráàmù 20 kún gbogbo nǹkan, r rẹ̀ pẹ̀lú èkejì á jẹ́ 1, síbẹ̀ ìrẹ́jẹ wà nínú ọ̀kan. Ẹ yọ ìwọ̀n kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù.

Nínú pírójẹ́ẹ̀tì bíi ti ọmọ yìí, méjèèjì ni mo ní kí ó kọ, kí síloòpù ṣáájú. Síloòpù sọ iye, r sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń kà á pé èso kọ̀ọ̀kan lè yà kúrò lórí ìlà gan-an.

Ohun kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀: àlà tí síloòpù lè wà láàárín rẹ̀. Fún èso márùn-ún wa, àlà ìdánilójú ìdá 95 nínú 100 bẹ̀rẹ̀ láti −0.08 lọ sí 0.48. Ó fẹ̀ gan-an. Ó túmọ̀ sí pé èso márùn-ún kò tó láti dá wa lójú pé hóró ń tẹ̀lé èso rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé r tó 0.8. Ìdánwò p, èyí tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí èèṣì lásán mú irú àbájáde yìí wá bí hóró kò bá tẹ̀lé èso rárá, náà sọ bẹ́ẹ̀: 0.10 ni. Kí ó má sì ṣe yà yín lẹ́nu pé p ti r àti p ti síloòpù jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà tí nǹkan méjì péré bá wà nínú iṣẹ́, ìdánwò kan náà ni wọ́n jẹ́. Nítorí náà p kò lè ràn yín lọ́wọ́ láti yan èwo lẹ óò kọ.

Ọmọ náà padà sí oko, ó wọn èso sí i, ó sì mú kékeré, àárín àti ńlá láìṣà wọn. Mo ní kí ó kọ gbólóhùn àbájáde rẹ̀ báyìí, kí ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí ipò èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ:

"Fún gbogbo gíráàmù 100 tí èso fi wúwo sí i, hóró tútù fi gíráàmù 20 wúwo sí i ní ìpíndọ́gba (b = 0.20, àlà ìdánilójú ìdá 95 nínú 100: −0.08 sí 0.48; r = 0.80; èso 5). Èso tí a wọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 300 dé 700."

Ó bi mí pé kí ló dé tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn fi wà níbẹ̀. Mo ní nítorí ẹni tó máa fi r rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn ni, àti nítorí ẹni tó máa fẹ́ lo ìlà náà fún èso gíráàmù 1,000, èyí tí kò sí nínú ohun tí ó wọ̀n.